ÌRUN ARÌNRÌN-ÀJÒ: ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN FÚN ÀWA TÍ A Ń NÁ ỌJÀ ÒKÈÈRÈ

  

Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ẹ̀wà. Àwọn mẹ́rin ló jọ lọ sí ọjà Dáwánáù ní Kánò láti ra ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n dé, ìjà dé. Ẹnì kan sọ pé òun kí ìrun ní méjì-méjì láti ọjọ́ tí àwọn ti kúrò nílé títí àwọn fi padà. Èkejì ní mẹ́rin-mẹ́rin lòun kí, torí òun ò lè jẹ Ọlọ́hun ní gbèsè. Ẹ̀kẹta ní òun kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìgbà tí òun bá dé lọ́ọ̀jì lálẹ́ lòun ń kí i lẹ́ẹ̀kan náà, láti Àyìlá títí dé Ìṣáì. Ẹ̀kẹrin ní lẹ́yìn Lèmọ́mù Kánò lòun kí tòun. Kálukú ń sọ fún ẹnì kejì pé kò ní ìrun. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn méjì nínú wọn ò kí ara wọn mọ́.

Ìdí nìyí tí a fi lọ bá àwọn àáfà wa, tí a sì kó ìbéèrè yín síwájú wọn. Ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a kà la tò sísàlẹ̀ yìí. Níbi tí àwọn onímọ̀ ti yàtọ̀ síra wọn, a ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èyí tó mọ̀ gún ẹlòmíràn lójú.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: Ìrun wo gan-an là ń dín kù, báwo la sì ṣe ń dín in?

ÌDÁHÙN: Ìrun olópó mẹ́rin nìkan là ń dín kù. Àwọn náà ni Àyìlá, Aláásárì àti Ìṣáì. Ràkáà mẹ́rin yóò di méjì. Ẹ ó kí méjì bí ẹ ṣe ń kí Àsùbáà, ẹ ó jókòó ṣe àtááyá, ẹ ó sì sálámà. Àsùbáà kì í dín, torí méjì ló wà tẹ́lẹ̀. Màgàríbì náà kì í dín, mẹ́ta ló jẹ́ nílé, mẹ́ta náà ló jẹ́ lọ́nà. Ìyá kan bi wá bóyá kí òun kí Màgàríbì ní ọ̀kan àbọ̀. Rárá o, ìyá wa, kò sí àbọ̀ ràkáà.

Dídín tí à ń dín ìrun kù yìí làwọn àáfà ń pè ní kásárù. Ó wà nínú Alùkùránì, Súrátù Nísáì, ẹsẹ 101. Ẹsẹ náà mẹ́nu ba ìbẹ̀rù ọ̀tá, èyí ló sì jẹ́ kí ẹnì kan bi Sàídínà Úmárù pé nígbà tí ìbẹ̀rù ti lọ, kí ló dé tí a ṣì ń dín ìrun kù? Úmárù ní ọ̀rọ̀ náà ya òun náà lẹ́nu, òun sì bi Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ohun tí Ànọ́bì dá a lóhùn ni pé sàráà ni, Ọlọ́hun ló fi ta wá lọ́rẹ, kí a gbà á. Nítorí náà, ẹni tó dín ìrun kù lọ́nà tó tọ́ kò jẹ Ọlọ́hun ní gbèsè kankan. Kò ní san án padà nígbà tó bá délé.

Ẹni tó wá kí mẹ́rin lọ́nà ńkọ́? Níbí ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì, èyí tí púpọ̀ nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, súnnà tó lágbára ni dídín in kù. Ẹni tó bá kí mẹ́rin fi ohun tó dára jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìrun rẹ̀ kò bàjẹ́. Lọ́dọ̀ Ìmáàmù Ṣáfíì àti Ìmáàmù Àmádù ọmọ Hánbálì, ìyọ̀ǹda ni, ẹni tó bá fẹ́ lè kí mẹ́rin. Lọ́dọ̀ Ìmáàmù Abú Hanífà, ọ̀ranyàn ni kí arìnrìn-àjò kí méjì. Ẹ rí i pé obìnrin tó kí mẹ́rin àti èyí tó kí méjì, kò sí èyí tí a lè sọ fún pé kò kírun, bí àwọn méjèèjì bá ṣáà jẹ́ arìnrìn-àjò lóòótọ́. Ibi tí ẹjọ́ wà ni pé ta ni arìnrìn-àjò?

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Báwo ni ọ̀nà ṣe gbọdọ̀ jìn tó?

ÌDÁHÙN: Ìmáàmù Màlíkì sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Mùwátà pé Ìbnù Abásì a máa dín ìrun kù ní ìrìn tó tó ti Mẹ́kà sí Táífù, tàbí Mẹ́kà sí Jídà. Màlíkì ní èyí jẹ́ búrúdù mẹ́rin. Ìwé Rìsálà tí àwọn ọmọ kéwú wa ń kọ́ sọ pé búrúdù mẹ́rin náà jẹ́ máìlì 48. Ṣáfíì àti Hánbálì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Abú Hanífà ní tirẹ̀ kò ka máìlì, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lórí ràkúnmí tàbí ẹsẹ̀ ló sọ. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wá ṣírò rẹ̀, kò jìnnà púpọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Máìlì ayé àtijọ́ kò bá ti òde òní mu pátápátá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí àáfà kan ń pe kìlómítà 77, tí òmíràn ń pe 80 tàbí 83, tí òmíràn sì ń sún un dé nǹkan bí 89. Èyí tó rọrùn láti fi sọ́kàn fún ọlọ́jà ni kìlómítà 80.

Àwọn onímọ̀ mìíràn wà, Ìbnù Taimíyà sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, tí wọ́n ní kò sí máìlì kankan tí Ànọ́bì fi de ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ohun tí àwọn ènìyàn ìlú bá ń pè ní ìrìn-àjò ni ìrìn-àjò, ìyẹn èyí tí ènìyàn ń di ẹrù fún, tó ń dágbére fún ará ilé. Àwọn tó ń tẹ̀lé èyí lè dín ìrun kù ní ọ̀nà tí kò tó 80. A kò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà Màlíkì, kìlómítà yìí ni kó mú.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọjà tí a ń ná wò ó. Ẹni tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kò rin ìrìn tó tó, nǹkan bí kìlómítà 50 ni. Mẹ́rin ni kó kí. Ẹni tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin tàbí Èkó ti kọjá 80, kó dín in kù. Abẹ́òkúta ló wà lójú ààlà, torí ó ku díẹ̀ kó pé 80 tàbí kó kọjá díẹ̀, ó kù sí ibi tí a ti ń gbéra àti ibi tí a ń lọ. Ohun tí a sọ fún àwọn oníkàm̀pálà wa tó ń lọ ra aṣọ àdìrẹ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n bi dẹ́rẹ́bà, kó wo ohun tí ń ka kìlómítà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí wọ́n kí mẹ́rin, torí mẹ́rin ni ìpìlẹ̀, kò sì yẹ kí á fi iyèméjì dín ohun tó dájú kù.

Ohun mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, àlọ nìkan là ń ṣírò, a kì í ka àlọ mọ́ àbọ̀. Ẹni tó lọ sí Ọ̀yọ́, tó sì padà ti rin kìlómítà 100 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 50 là ń kà. Èkejì, wákàtí kọ́ là ń kà, ọ̀nà ni. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè há yín mọ́nú ọkọ̀ fún wákàtí márùn-ún nínú Èkó, ẹ kò tíì di arìnrìn-àjò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá wọ bàálù láti Èkó sí Kánò jẹ́ arìnrìn-àjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó wákàtí méjì tó fi dé. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ ní pàtó. Ẹni tó ń ti ọjà abúlé kan bọ́ sí òmíràn láìmọ ibi tí òun ó dúró sí, tí kò pinnu ọ̀nà tó tó 80 láti ilé, kò lè dín ìrun kù.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: Láti ibo ni mo ti lè bẹ̀rẹ̀? Ṣé nínú ilé mi ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ ó kọ́kọ́ jáde kúrò láàárín ilé ìlú yín ná. Nígbà tí ilé ìlú náà bá di ẹ̀yìn yín, ẹ di arìnrìn-àjò. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa ará Ìbàdàn, torí gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọkọ̀ lọ sókè Ọya. Ọ̀jọ́ọ̀ ṣì wà láàárín Ìbàdàn. Ẹni tí Àyìlá bá bá níbẹ̀ níbi tó ti ń dúró kí ọkọ̀ kún, mẹ́rin ni yóò kí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ẹrù, tó sì ti sanwó ọkọ̀.

Ẹni tí Àyìlá wọlé bá nílé, tí kò tíì kí i tí ọkọ̀ fi gbéra, tó wá kí i lọ́nà kí àkókò rẹ̀ tó lọ, méjì ni yóò kí lójú ọ̀nà Màlíkì. Bí a bá sì ń bọ̀ wálé, ìgbà tí a bá ti wọ àárín ilé ìlú wa ni àǹfààní náà parí. Ẹni tó bá wọ Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ láì tíì kí Aláásárì, tí àkókò sì ṣì wà, mẹ́rin ni yóò kí.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN: Tí mo bá dé ọjà tí mo ń lọ, ọjọ́ mélòó ni mo lè fi máa dín ìrun kù níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ibí yìí ni èyí tó ń tà á ní méjì-méjì títí lọ, tó sì lè ṣe àṣìṣe. Dídé ibi tí à ń lọ kò fòpin sí ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n àníyàn láti gbé ibẹ̀ ló ń fòpin sí i.

Lójú ọ̀nà Màlíkì, ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti lo ọjọ́ mẹ́rin tó pé síbì kan, ìyẹn ọjọ́ tí ogún ìrun wà nínú rẹ̀, ti di ará ibẹ̀. Yóò máa kí mẹ́rin láti ìgbà tó bá ti ní àníyàn náà. Kì í ṣe pé yóò dín in kù ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kó tó wá máa kí i pé lọ́jọ́ karùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ṣì í gbọ́ báyìí. A kì í ka ọjọ́ tí a wọlé mọ́ ọn bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí a tó dé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka ọjọ́ tí a ó gbéra. Ṣáfíì náà sọ ohun tó jọ èyí. Lọ́dọ̀ Hánbálì, ìye ìrun ni wọ́n ń kà, ẹni tó bá fẹ́ lò ju ogún ìrun lọ yóò kí i pé. Abú Hanífà ní tirẹ̀ sọ pé ó di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ló fa ìyàtọ̀ tó tó báyìí, ọjọ́ mẹ́rin àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ohun tó fà á ni pé Ànọ́bì kò sọ iye ọjọ́ kan pàtó lẹ́nu. Ohun tó ṣe làwọn onímọ̀ wò. Ìbnù Abásì ròyìn pé ó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní Mẹ́kà nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ibẹ̀, tó sì ń dín ìrun kù. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé ó lè pẹ́. Àwọn mìíràn ní ogun ló gbé e débẹ̀, kò ní àníyàn láti jókòó, kò sì mọ ọjọ́ tí òun ó kúrò, nítorí náà a kò lè fi díwọ̀n ẹni tó ti mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan lòun ó lò.

ÌBÉÈRÈ KARÙN-ÚN: Àwa ọlọ́jà kì í sábà mọ ọjọ́ tí a ó padà. Dẹ́rẹ́bà á ní ọ̀la, ọ̀la á di ọ̀tunla. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tó dára jù nìyí, òun ló sì fa ìjà àwọn tó lọ sí Dáwánáù. Ẹ jẹ́ ká tò ó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kúrò nílé. Àyìlá bá wọn ní Ọ̀jọ́ọ̀, mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n kí. Ọkọ̀ gbéra ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n dúró ra epo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Aláásárì di méjì níbẹ̀. Oòrùn wọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ Ìlọrin. Dẹ́rẹ́bà ní òun kò ní dúró mọ́ di òru, wọ́n bá kí Màgàríbì mẹ́ta, wọ́n sì kí Ìṣáì méjì tẹ̀ lé e. Àsùbáà bá wọn lọ́nà, wọ́n kí méjì. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé Kánò. Títí débí, ẹni tó kí méjì-méjì ló mú súnnà.

Ní Dáwánáù, àníyàn wọn ni pé kí wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ ka ọjọ́ tó pé láàárín: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀. Mẹ́ta péré ni. Nítorí náà kí wọ́n máa dín in kù. Ká ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n fi sọ́kàn láti ilẹ̀ ni, Sátidé ìbá wọ inú rẹ̀, á pé mẹ́rin, wọn ìbá máa kí mẹ́rin láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti dé. Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe yí i padà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, tírélà kò kún. Wọ́n ní kí wọ́n dúró de ogún àpò sí i, pé bóyá ọ̀la, bóyá ọ̀tunla. Ọ̀la kò bọ́ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti pinnu láti jókòó ọjọ́ mẹ́rin, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti kún báyìí wọn ó gbéra, wọ́n ṣì jẹ́ arìnrìn-àjò. Kí wọ́n máa dín in kù bó tilẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ohun tí Màlíkì àti Abú Hanífà sọ nìyí. A gbọ́ pé Ìbnù Úmárù náà há sí ilẹ̀ Asabaijáànì fún oṣù mẹ́fà nítorí yìnyín tó dí ọ̀nà, méjì-méjì ló sì ń kí. Ṣáfíì ní tirẹ̀ fi ọjọ́ méjìdínlógún dè é.

Ṣùgbọ́n a rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà sọ fún àwọn yòókù lọ́jọ́ Sátidé yẹn pé òun ò bá wọn lọ mọ́, pé òun fẹ́ dúró di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ̀wà tuntun fi wọlé. Àníyàn tirẹ̀ ti yí padà. Sọ́ńdè, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́rin ti pé. Láti ìgbà tó ti pinnu yẹn ló yẹ kó ti máa kí mẹ́rin, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà ṣì ń kí méjì. Kì í ṣe ìjà, àníyàn wọn ni kò dọ́gba.

Ohun kan tún wà tí àwọn onímọ̀ Màlíkì fi kún un. Bí ẹ bá mọ̀ dájú, nítorí pé ẹ ti ń ná ọjà náà tipẹ́, pé tírélà kì í kún kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ẹnu sọ pé ọ̀la lẹ ó lọ. Ohun tí ẹ mọ̀ lọ́kàn ni àníyàn yín. Ẹ kí i pé.

ÌBÉÈRÈ KẸFÀ: Kíkó ìrun pọ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà ni òun àti dídín in kù?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ọ̀kan náà. Dídín in kù jẹ́ ti iye ràkáà. Kíkó o pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní jámù, jẹ́ ti àkókò. Ènìyàn lè dín in kù láìkó o pọ̀. Àwọn tó wà ní Dáwánáù, tí wọ́n wà lójú kan, kí wọ́n máa kí ìrun kọ̀ọ̀kan ní àkókò rẹ̀ ní méjì-méjì ló dára jù. Ẹni tí ọkọ̀ ń gbé lọ ni kíkó ìrun pọ̀ wà fún.

Àyìlá àti Aláásárì ni a lè kó pọ̀. Màgàríbì àti Ìṣáì ni a lè kó pọ̀. Ó parí. Àsùbáà kì í bá èyíkéyìí rìn, Aláásárì kò sì gbọdọ̀ wọ inú Màgàríbì. Nítorí náà, ìyá wa tó kó Àyìlá, Aláásárì, Màgàríbì àti Ìṣáì jọ di alẹ́ kò ṣe jámù. Ó fi Àyìlá àti Aláásárì sílẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni. Gbèsè ló san lálẹ́, kó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kó má sì ṣe é mọ́. Nínú gbogbo ohun tí àwọn mẹ́rin náà ṣe, èyí nìkan ni kò sí àáfà kankan tó gbè é.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ánásì ròyìn pé bí Ànọ́bì bá gbéra kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, yóò sún Àyìlá di àkókò Aláásárì, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì kí méjèèjì. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ kó tó gbéra, yóò kí Àyìlá, kó tó gun ohun ìgùn rẹ̀. Nítorí náà, bí àkókò Àyìlá bá bá yín nínú ọkọ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ yóò dúró kí oòrùn tó pọ́n, ẹ dá a sọ́kàn pé ẹ ó kó o pọ̀ mọ́ Aláásárì. Bó bá bá yín níbi tí ọkọ̀ ti dúró, tí ẹ sì mọ̀ pé kò tún ní dúró mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹ kí Àyìlá, kí ẹ sì kí Aláásárì tẹ̀ lé e níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó lọ sí Kánò ṣe ní Ìlọrin fún Màgàríbì àti Ìṣáì nìyẹn. Ẹ pe ìkámọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì yí i sódì, èyí tó ṣáájú ni kó ṣáájú.

Abú Hanífà kò gba kíkó ìrun pọ̀ láyè àfi ní Áráfà àti Musidalífà lákòókò Hájì. Ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe lọ́nà ni pé wọn á kí Àyìlá nígbà tí àkókò rẹ̀ bá kù díẹ̀, wọn á dúró díẹ̀, wọn á sì kí Aláásárì ní kété tó bá wọlé. Ẹni tó bá rí ọ̀nà ṣe báyìí ti bọ́ nínú àríyànjiyàn.

Nígbà kan náà, àwọn onímọ̀ Màlíkì sọ pé kíkó ìrun pọ̀ nínú ìrìn kò di dandan kó tó kìlómítà 80. Nítorí náà ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, tí ọ̀nà há, lè kó Àyìlá pọ̀ mọ́ Aláásárì, ṣùgbọ́n mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò kí wọn. Ṣáfíì àti Hánbálì kò gba èyí, wọ́n ní kí ìrìn náà jìn tó ti kásárù kó tó lè kó o pọ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJE: Mo bá Lèmọ́mù ìlú tí mo lọ kírun, ó ń kí mẹ́rin. Ṣé kí n sálámà lẹ́yìn méjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé Lèmọ́mù onílé láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò bá a parí mẹ́rin. Nítorí náà ẹnì kẹrin tó kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù Kánò kò jẹ̀bi, bí àwọn Màlíkì tilẹ̀ fẹ́ kí arìnrìn-àjò máa kírun pẹ̀lú arìnrìn-àjò ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé arìnrìn-àjò ló ṣe Lèmọ́mù fún onílé, yóò sálámà lẹ́yìn méjì, àwọn onílé yóò sì dìde parí tiwọn. Sàídínà Úmárù ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́kà, ó sì sọ fún àwọn ará Mẹ́kà kí wọ́n parí ìrun wọn, pé arìnrìn-àjò làwọn.

ÌBÉÈRÈ KẸJỌ: Èmi ò sinmi, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń lọ sí òkè Ọya. Ṣé àǹfààní náà kò ní tán fún mi?

ÌDÁHÙN: Kò ní tán. Ẹ̀yin àti dẹ́rẹ́bà tó ń gbé yín lọ lẹ jọ ní in, bí ẹ tilẹ̀ ń rìn lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilé méjì, tí ọkọ wà ní Ìbàdàn, tí ẹ sì ti kó ọmọ àti ẹrù lọ tẹ̀dó sí ilé mìíràn ní Ìlọrin, ẹ kì í ṣe arìnrìn-àjò ní Ìlọrin mọ́. Ibi méjèèjì di ilé yín, mẹ́rin lẹ ó kí níbẹ̀. Àárín ọ̀nà nìkan lẹ ti ń kí méjì. Yàrá tí à ń kó ẹrù ọjà sí, tí a kàn ń sùn sí lóru kan, kò sọ ibẹ̀ di ilé.

Bí a ṣe rí i nìyí, ẹ̀yin ìyá wa. Nínú àwọn mẹ́rin tó lọ sí Dáwánáù, ẹni tó kí méjì ṣe dáadáa, àyàfi bó bá jẹ́ òun ló yí àníyàn rẹ̀ padà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó kí mẹ́rin ní ìrun, bó tilẹ̀ fi sàráà sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé Lèmọ́mù ní ìrun. Ẹni tó kó mẹ́rin jọ di alẹ́ ni kó tún tirẹ̀ ṣe. A ti ka èyí fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú wa sì dùn pé àwọn tí kì í kí ara wọn ti jọ di ẹ̀wà sínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè mìíràn, kó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Kí ó kọ ibi tó ti gbéra, ibi tó ń lọ, àti ọjọ́ tó fẹ́ lò níbẹ̀ sí i, torí láìsí mẹ́ta yìí, kò sí àáfà tó lè dá a lóhùn. Ọlọ́hun á máa sìn wá lọ, á máa sìn wá bọ̀. Àmín.